Ìpè àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ rìkúrútà: ìṣẹ́jú méjì nípa ara rẹ, àti ìdí tó fi jẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí

*Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń kọ sọ́fítíwíà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gbé ẹrù lọ fún oníbàárà wọn. Mo ń wá iṣẹ́ sí Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pè mí lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì fi ímeèlì ìdúpẹ́ lé mi padà kí n tó rí ẹnjiníà kankan bá sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ní kí n sọ nípa ara mi, mo máa ń sọ ibi tí mo ti kàwé, àwọn èdè kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀, àti pé mo fẹ́ràn láti máa kọ́ nǹkan tuntun. Tí wọ́n bá ní kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ni mo fẹ́ wá, mo máa ń ní ilé-iṣẹ́ wọn lórúkọ. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi sífí mi ránṣẹ́ mọ́ lẹ́tà yìí. Kí ni kí n ṣe?*

Àbúrò mi, mo ti ka lẹ́tà rẹ, mo sì ti ka sífí náà. Iṣẹ́ rìkúrútà ni mò ń ṣe. Èmi ni ilé-iṣẹ́ máa ń ní kí n kọ́kọ́ pe àwọn tó bá kọ̀wé béèrè iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹnjiníà tó dá sí i. Nítorí náà, láti ìdí fóònù tí wọ́n fi ń pè ọ́ ni màá ti dá ọ lóhùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń pè kò fura sí ni pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan máa ń wà níwájú mi nínú ètò bíi Greenhouse tàbí Lever, tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mo gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe báyìí síbẹ̀, ohun tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ìdí tó fi fẹ́ ipò yìí, iye tó ń retí, àti ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀. Tí ìpè bá parí, ẹnjiníà tó ń wá ẹni kún àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò ka ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí mo kọ, yóò sì sọ bóyá òun fẹ́ rí ẹ tàbí òun kò fẹ́. Kò gbọ́ ohùn rẹ, kò sì mọ bí o ṣe yá mọ́ni tó. Nóòtì yẹn nìkan ló rí.

Èmi tí mo sì ń kọ nóòtì náà, n kì í ṣe ẹnjiníà. Mo mọ orúkọ àwọn irinṣẹ́ yín, mo mọ èyí tó bá èyí rìn, ṣùgbọ́n tí o bá dárúkọ mọ́kànlá fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, n kò lè dá a mọ̀ èyí tí o fi ń jẹun nínú wọn àti èyí tí o kàn gbìyànjú ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ohun tí màá kọ ni "Python, Django, ọdún mẹ́rin, ó fẹ́ràn láti kọ́ nǹkan tuntun". Gbogbo èyí ti wà nínú sífí rẹ tẹ́lẹ̀, àfi gbólóhùn ìparí, tí gbogbo ènìyàn ń sọ. Ẹnjiníà tó bá ka irú nóòtì bẹ́ẹ̀ kò rí ohun kan tó lè mú kó fi wákàtí kan rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Lójú mi, ibẹ̀ ni ìpè rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ: sọ ohun tí rìkúrútà lè kọ sílẹ̀ láìṣe àṣìṣe, tí ẹnjiníà bá kà á, kó fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè lé e lórí. Ìlànà yìí ni mo fẹ́ kí o fi wọn gbogbo ohun tí o bá pinnu láti sọ.

Ìpè náà sábà máa ń gba ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Rìkúrútà yóò kí ọ, yóò sọ díẹ̀ nípa ilé-iṣẹ́ àti ipò náà, yóò wá ní kí o sọ nípa ara rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìbéèrè kéékèèké: owó, ìgbà, ibi tí o wà, ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan á wá kù fún ìbéèrè tìrẹ. Tí o bá wò ó dáadáa, ìṣẹ́jú méjì tí o fi ń sọ nípa ara rẹ nìkan ni ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò ní dá ọ lẹ́nu kọ́ nínú gbogbo ìpè náà. Tí ìwọ fúnra rẹ kò bá mú ọ̀rọ̀ wá síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa bá ọ fà á jáde.

Mo wá ohun tí o lè mú wá nínú sífí rẹ, mo sì rí i nísàlẹ̀ ojú ìwé kejì, lábẹ́ orúkọ ilé-ìwé rẹ àti ìwé-ẹ̀rí mẹ́fà tí o gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. O kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìlà kan pé o "tún ọ̀nà tí ìròyìn owó ń gbà wọlé ṣe kí owó má bàa máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì". Àbúrò mi, kí ló gbé èyí dé ìsàlẹ̀? Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ pè ọ́ yìí, owó ni wọ́n ń gbà fún oníṣòwò. Owó tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì wà lára ohun tí àwọn ẹnjiníà wọn ń bá jà. Ìlà kan yìí ló yẹ kó gba ìdajì ìṣẹ́jú méjì rẹ.

Wò ó bí èmi ì bá ṣe tò ó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi bá ọ sọ̀rọ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ sọ ọ́, fún ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà nínú ilé rẹ. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì ńlá máa ń sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ kan pàtó. Níbi tí Yorùbá rẹ bá ti há, ibẹ̀ ni ìwọ fúnra rẹ kò tíì mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Àwọn ohun tí n kò rí nínú sífí, mo fi àpẹẹrẹ dí ibẹ̀. Fi tìrẹ gan-an rọ́pò wọn:

"Bákẹ́ǹdì ni mò ń kọ, ìyẹn apá sọ́fítíwíà tí oníbàárà kì í fojú rí. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti wà ní ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn tó ń bá àwọn oníṣòwò gbé ẹrù lọ fún oníbàárà wọn. Àwa mẹ́ta là ń kọ sọ́fítíwíà níbẹ̀. Èmi ni mo ni apá owó, Python àti PostgreSQL ni mo sì fi ń ṣe é.

"Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Tí oníbàárà bá sanwó, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó á fi ìròyìn ránṣẹ́ sí sáfà wa. Nígbà mìíràn, ìròyìn owó kan ṣoṣo á wọlé lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé ẹni náà san án lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé owó wa máa ń fi ọjọ́ Jímọ̀ wá àwọn tó ṣe méjì pẹ̀lú ọwọ́. Mo yẹ àkọsílẹ̀ sáfà wò fún oṣù kan, mo sì rí i pé sáfà wa ló ń pẹ́ kó tó dáhùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún ìròyìn náà rán. Mo ṣe nǹkan méjì. Mo jẹ́ kí sáfà dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí iṣẹ́ tó kù máa lọ lẹ́yìn. Mo sì jẹ́ kí dátábéèsì fúnra rẹ̀ kọ̀ láti gba nọ́ńbà owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Láti oṣù márùn-ún tí a ti ń lò ó, akọ̀wé owó kò tíì rí ẹyọ kan tó ṣe méjì.

"Ní ibi iṣẹ́ mi, ẹrù ni wọ́n ń gbé, owó kàn tẹ̀ lé e ni. Mo fẹ́ lọ sí ibi tó jẹ́ pé owó gan-an ni iṣẹ́ wọn. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́, mo lè ṣàlàyé apá owó yẹn sí i, tàbí kí n sọ nípa nǹkan mìíràn tí mo ti ṣe."

Ìyẹn tó ìṣẹ́jú méjì tí o bá sọ ọ́ láìsáré. Wo ohun tí mo lè tẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ: "Bákẹ́ǹdì, ọdún 4, Python àti PostgreSQL. Òun ló ni apá owó nínú tíìmù ènìyàn 3. Ó wá ìdí tí ìròyìn owó fi ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì, sáfà wọn ló ń pẹ́ dáhùn. Ó tún un ṣe, ó sì dí i ní dátábéèsì. Iṣẹ́ owó ló fẹ́." Ẹnjiníà tó bá ka èyí yóò fẹ́ bi ọ́ pé tí ìròyìn méjèèjì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà gan-an ńkọ́? Múra ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó gbé fóònù: pé tí ó bá jẹ́ pé kóòdù rẹ nìkan ló ń kọ́kọ́ wò bóyá nọ́ńbà náà ti wà, àwọn méjèèjì lè wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà kí wọ́n má rí nǹkan kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ méjèèjì, ìdí nìyẹn tí o fi fi òfin náà sínú dátábéèsì. Má sọ eléyìí nínú ìṣẹ́jú méjì náà. Rìkúrútà kò nílò rẹ̀, ẹnjiníà sì máa bi ọ́ nígbà tó bá yá.

Ohun mẹ́ta wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn tí mo fẹ́ kí o fi ojú sí. Àkọ́kọ́ ni pé kò bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwé. Ọdún mẹ́rin rèé tí wọ́n ti ń sanwó fún ọ pé o ń kọ sọ́fítíwíà. Ibi tí o ti kàwé wà nínú sífí, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò bi ọ́. Tó bá jẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, iṣẹ́ tí o ṣe ní ilé-ìwé ni ì bá gba ipò yẹn.

Èkejì ni "èmi" àti "àwa". Àwa ọmọ Yorùbá, wọ́n kọ́ wa nílé pé kí á má máa gbé ara wa ga, nítorí náà a máa ń sọ pé "a ṣe é" kódà níbi tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é. Lórí ìpè yìí, "a ṣe é" máa ń kó rìkúrútà sí ìyọnu. Tí mo bá gbọ́ "a" fún ìṣẹ́jú méjì gbáko, mo gbọ́dọ̀ bi ọ́ pé kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe níbẹ̀, tí ìdáhùn bá sì tún jẹ́ "a", màá kọ ọ́ pé ipa tó kó kò yé mi. Sọ "àwa mẹ́ta" fún tíìmù, kí o sì sọ "mo" fún ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe. Kò sí ìgbéraga nínú ìyẹn. Iye ènìyàn tó wà nínú tíìmù tún ń ràn mí lọ́wọ́ láti mọ bí ẹrù tó wà lórí rẹ ṣe tó.

Ẹ̀kẹta ni iye. Mo kọ "kò tíì rí ẹyọ kan tó ṣe méjì" nítorí pé akọ̀wé owó rẹ lè jẹ́rìí sí i. Ọ̀pọ̀ ló ka ibì kan pé kí wọ́n fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún sínú ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n wá ń sọ pé àwọn fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún mú iṣẹ́ yá. Tí ẹnjiníà bá bi wọ́n bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, wọn a dákẹ́. Tí o kò bá ní iye tó dá ọ lójú, sọ ohun tó yí padà nínú ìgbésí ayé ẹnì kan: akọ̀wé owó kò fi ọjọ́ Jímọ̀ wá owó mọ́. Ìyẹn lágbára ju iye tí o fà yọ láti inú afẹ́fẹ́ lọ.

Nípa ìdánrawò: má kọ ọ́ sórí ìwé kí o sì kà á létí mi. Ohùn ẹni tó ń kàwé máa ń tẹ́jú, kò sì mọ ibi tí yóò ti mí; a máa ń mọ̀ ọ́n láàárín gbólóhùn méjì. Kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré sórí bébà, irú bíi bákẹ́ǹdì, àwa mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì, àkọsílẹ̀ sáfà, nǹkan méjì, iṣẹ́ owó, kí o sì máa sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé wọn. Fi fóònù gba ohùn ara rẹ sílẹ̀, kí o sì wo aago rẹ̀. Tí ó bá kọjá ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀, apá àárín ló sábà máa ń gùn jù, gé e níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà, sọ ọ́ fún un, kí o sì ní kó sọ ọ́ padà fún ọ ní gbólóhùn mẹ́ta. Ohun tí ẹni yẹn bá sọ padà ni rìkúrútà máa kọ. Tó bá sọ pé "o ń ṣe nǹkan kan pẹ̀lú owó lórí kọ̀ǹpútà", o kò tíì ṣe tán. Tó bá sọ pé "wọ́n ń ka owó kan lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ lo wá ìdí rẹ̀, o sì tún un ṣe", o ti ṣe tán.

Nígbà ìpè gan-an, àmì wà tí o lè fi mọ̀ bóyá ó ń wọlé. Tí rìkúrútà bá tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ tó sì tọ́, ó ti wọlé. Tó bá tún un sọ tó sì ṣì í sọ, má jẹ́ kó kọjá lọ, fi sùúrù tún un ṣe, nítorí bó ṣe sọ ọ́ yẹn ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Tó bá bi ọ́ pé "ṣé ìwọ lo ń kọ kóòdù náà fúnra rẹ?", ohun tí o sọ kò tíì fi ọwọ́ rẹ hàn. Tó bá sì ti ń sọ "ó dáa, ó dáa" lọ́nà tó yára, o ti pẹ́ jù lẹ́nu rẹ̀, parí gbólóhùn náà kí o sì dúró.

Ó kan ìbéèrè kejì. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀dọ̀ wa?

Ìlànà tí mo fi ń wọn ìdáhùn yìí rọrùn. Yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà kúrò nínú ohun tí o sọ, kí o fi ti ẹni tó ń bá wọn du ọjà síbẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì dúró, kì í ṣe ìdáhùn. "Ilé-iṣẹ́ yín lórúkọ, ẹ ń tẹ̀ síwájú, mo fẹ́ dàgbà pẹ̀lú yín" bá Paystack mu, ó bá Flutterwave mu, ó bá Moniepoint mu, kódà ó bá ilé-iṣẹ́ tó ń ta símẹ́ńtì mu.

O kò sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ pè ọ́, nítorí náà jẹ́ kí n fi Paystack ṣe àpẹẹrẹ, torí pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń ṣe wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú wá ni pé Shola Akinlade àti Ezra Olubi ló dá a sílẹ̀, àti pé Stripe ti Amẹ́ríkà rà á ní 2020. Òótọ́ ni. Kò sì bá Flutterwave mu, nítorí náà ó kọjá ìlànà àkọ́kọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n rìkúrútà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ ìtàn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jù ọ́ lọ, kò sì sí ìwọ kankan nínú ìtàn yẹn. Ìdáhùn tó dára gbọ́dọ̀ ní ohun kan tó jẹ́ tiwọn àti ohun kan tó jẹ́ tìrẹ, kí àwọn méjèèjì sì pàdé.

Ibi tí wọ́n ti ń pàdé kì í ṣe ojú ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń yin ara rẹ̀. Nínú ìwé ìlànà tí wọ́n kọ fún àwọn dẹfẹ́lọ́pà ni, nínú ìkéde ipò náà fúnra rẹ̀, àti nínú ohun tí àwọn ẹnjiníà wọn bá ti sọ níta. Ṣí ìwé ìlànà Paystack, wàá rí i pé kọ́bọ̀ ni wọ́n ń fi ka owó, wọn kì í fi náírà kà á; ẹni tó fẹ́ gba náírà 500 yóò kọ `50000` sí `amount`. Wàá rí i pé owó kọ̀ọ̀kan ní `reference` tirẹ̀. Wàá sì rí i pé ìròyìn owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí sáfà oníṣòwò, ìyẹn `webhook`, tí sáfà náà kò bá dá `200 OK` padà, wọn yóò tún un rán. Dúró níbẹ̀. Ohun tó ń da ọjọ́ Jímọ̀ akọ̀wé owó rẹ rú gan-an nìyẹn, láti òdìkejì. O kò gbọ́dọ̀ purọ́ pé Paystack lẹ ń lò tí kò bá rí bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ká ní àwọn lẹ ń lò, ìdáhùn rẹ á lọ báyìí:

"Láti ìta ni mo ti mọ iṣẹ́ yín. Èmi ni mo wà ní ibi tí ìròyìn owó yín ń bọ́ sí ní ilé-iṣẹ́ wa, àwa la sì jẹ́ kí ẹ máa tún un rán nítorí pé sáfà wa ń pẹ́ dáhùn. Mo ka ìwé ìlànà yín léraléra nígbà tí mò ń tún un ṣe. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú nípa bó ṣe rí lọ́dọ̀ ẹni tó ń fi ìròyìn yẹn ránṣẹ́ sí ẹgbàágbèje oníṣòwò, tí sáfà wọn dára, tí sáfà wọn kò dára. Ìkéde yín sọ pé ẹni tó bá gba ipò yìí yóò ṣiṣẹ́ lórí ìròyìn owó. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí ipò yìí nìyẹn, tí n kò kọ̀wé sí èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí o ṣe rò lọ, nítorí pé ipò ni mò ń wá ènìyàn sí. Tí ìkéde wọn bá ní ìlà mẹ́wàá, kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì mú èyí kan tí iṣẹ́ rẹ ti fọwọ́ kàn rí.

Tí ìkéde bá béèrè ohun tí o kò ní, ìdáhùn kan náà yìí lè gba ìyẹn mọ́ra. Monzo, báǹkì orí fóònù tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ ọ́ síta pé èdè Go ni àwọn fi ń kọ bákẹ́ǹdì wọn. Ìwọ, Python lo mọ̀. Tí o bá ń bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀: pé o mọ̀ pé Go ni wọ́n ń lò, pé ohun báyìí lo ti fi Go kọ fún ara rẹ, pé ìṣòro owó tí o ti yanjú kò yí padà nítorí èdè. Tí rìkúrútà bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, yóò kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí o mọ̀ nípa ara rẹ. Tó bá jẹ́ pé òun ló hú u jáde, yóò kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àlébù.

Nígbà mìíràn, rìkúrútà ló máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ lórí LinkedIn. Nígbà náà, má ṣe bíi pé láti kékeré lo ti ń fẹ́ wọn. Sọ pé o kò mọ̀ wọ́n dáadáa kí wọ́n tó kọ̀wé, pé lẹ́yìn tí o gba lẹ́tà wọn lo ka nǹkan báyìí báyìí, àti pé ibi báyìí ló fà ọ́ mọ́ra. Òótọ́ yẹn máa ń dùn létí.

Àwọn ohun kan wà tí ìṣẹ́jú méjì tó dára jù lọ kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn. Tí iye tí o ń retí bá fi púpọ̀ ju iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ, ìpè náà yóò dúró síbẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá béèrè, kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n pé èló ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ipò náà. Bí wọn kò bá sọ, fún wọn ní iye tó kéré jù tí o lè gbà tọkàntọkàn àti èyí tí o fẹ́ gan-an. Fún Lọ́ńdọ̀nù, tí ìwọ yóò bá nílò kí ilé-iṣẹ́ ṣe onídùúró fún físà rẹ, sọ ọ́ kedere ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá béèrè. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní ìwé àṣẹ láti gba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè kò lè gbà ọ́ bó ti wù kí o mọ iṣẹ́ tó, bí o bá sì fi pamọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi ṣòfò. Mọ iye oṣù tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ ní kí o fi ṣe nótíìsì kí o tó kúrò. Ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ ọ́n títí wọn yóò fi bi wọ́n.

Aago náà ńkọ́? Láti Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù March títí di Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù October, aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa dọ́gba. Lẹ́yìn ìyẹn, tiwọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Àwọn tó ń fi wákàtí kan ṣi àsìkò ìpè máa ń pọ̀ ní oṣù April àti November, nítorí náà kọ ọ́ sínú ímeèlì pé "agogo méjì ọ̀sán aago Èkó". Nípa nẹ́tíwọ̀kì, fún wọn ní nọ́ńbà kejì ṣáájú, kí o sì sọ pé tí ìpè bá já, ìwọ ni yóò pe wọ́n padà. Wá ibi tí jẹnẹrétọ̀ kò ti ní bo ohùn rẹ. N kì í fi ariwo dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ṣùgbọ́n ohun tí n kò bá gbọ́, n kò lè kọ ọ́.

Tí wọ́n bá ní kí o béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ, ìbéèrè méjì ni kí o mú dání. Bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ kí ẹni tó bá gba ipò náà ti ṣe parí láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ fún ọ bóyá ohun tó wà nínú ìkéde ni iṣẹ́ náà lóòótọ́. Kí o sì bi wọ́n pé ta ni ìwọ yóò bá sọ̀rọ̀ tẹ̀ lé èyí, àti kí ni ẹni náà máa fẹ́ wò. Rìkúrútà tó bá fẹ́ gbé ọ síwájú máa ń dáhùn èyí ní kíkún, torí pé ó wu òun náà kí o ṣe dáadáa níbẹ̀. Tó bá dáhùn ní ọ̀rọ̀ méjì tó sì ní àwọn yóò kàn sí ọ, ó ṣeé ṣe kó máà dáa, ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé wọn kò tíì pinnu ìgbésẹ̀ tó kàn. Kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ ní kété tí ìpè bá parí, kí ó tó kúrò lórí rẹ. Lọ́jọ́ kan náà, fi ímeèlì kúkúrú ránṣẹ́: dúpẹ́, kí o sì fi gbólóhùn méjì tún iṣẹ́ owó yẹn sọ bó ṣe rí gan-an. Bí mo bá ṣi ohun kan kọ nínú nóòtì rẹ, ibẹ̀ ni màá ti tún un ṣe kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnjiníà.